Ẹ̀tọ́ Ṣíà 30,000 Tàbí ₦350,000 Lóṣooṣù: Àkọsílẹ̀ Ìpinnu Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní LAUTECH, kò sì kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn náà. Ó gba yàrá méjì nítòsí Ọ́ńdà-Jíì, ó ra sólà àti bátìrì, ibẹ̀ ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Sábó. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, òun ló sì ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ó wọ inú ìṣirò nígbà tó yá.

Ní ọdún 2025, iṣẹ́ méjì wọlé fún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan wá láti ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ₦950,000 lóṣù, owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀, ó sì lè máa ti ilé ṣiṣẹ́. Èkejì wá láti ilé-iṣẹ́ tuntun kan, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sítátọ́ọ̀pù, tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó irè oko. Àwọn yẹn yóò san ₦600,000 lóṣù, wọn yóò sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà 30,000. Ìlà kan wà nínú lẹ́tà wọn tó sọ pé ẹ̀tọ́ náà tó $36,000.

Ìlà yẹn ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni irú lẹ́tà báyìí sì ti ń dé ọ́fíìsì mi. Ó ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ kó tó dé, ó fi ₦1,500 sí dọ́là kan, ó sì kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní. "Ìyàtọ̀ owó oṣù jẹ́ ₦350,000. Lọ́dún, ₦4,200,000. Fún ọdún mẹ́rin, ₦16,800,000. Ṣíà wọn sì ń lọ sí ₦54,000,000. Kí la tún ń rò?"

Mo bi í pé ta ló sọ pé ṣíà náà tó $36,000. Ó ní ilé-iṣẹ́ ni. Mo ní ó dáa, kí a wá wò ó bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n fún un kì í ṣe ṣíà. Ẹ̀tọ́ ni, pé ní iye kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti òní, ó lè ra ṣíà lọ́jọ́ iwájú. Iye tó wà nínú lẹ́tà tirẹ̀ ni $0.30 fún ṣíà kan. Bí ṣíà bá di $5 lọ́jọ́ kan, $0.30 náà ni yóò san, èrè rẹ̀ a sì jẹ́ $4.70 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ṣíà kò bá tó $0.30, kò sẹ́ni tó máa fipá mú un rà á. Ẹ̀tọ́ náà kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Bí ọdún kan kò bá pé kó tó kúrò, kò ní nǹkan kan. Bí ọdún kan bá pé, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìyókù a sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù títí ọdún mẹ́rin yóò fi pé. Bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun ṣe ń ṣe é nìyẹn, tirẹ̀ kò yàtọ̀.

Níbo wá ni $36,000 ti wá? Ẹni tó bá fi 30,000 pín in yóò rí $1.20. Iye tí àwọn tó kó owó sínú ilé-iṣẹ́ náà kẹ́yìn san fún ṣíà tiwọn nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kàn fi $1.20 sọ 30,000 di púpọ̀, wọn kò sì yọ $0.30 tí òun fúnra rẹ̀ máa san kúrò. Tí a bá yọ ọ́, ó ti di $27,000 lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe kékeré nìyẹn o. Èyí tó tóbi ni pé ṣíà tí àwọn olówó yẹn rà kì í ṣe irú èyí tí òun máa rà.

Ọ̀dọ̀ àwọn olùdókòwò, ṣíà tó ní àǹfààní ìṣáájú ni. Bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́, àwọn ló kọ́kọ́ máa kó owó wọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tó pín ohun tó kù. Ṣíà òṣìṣẹ́ kò ní àǹfààní yìí, ìdí sì nìyẹn tí iye rẹ̀ fi kéré. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sì sọ bó ṣe kéré tó. Ìpínlẹ̀ Dẹlawéà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ìyá sílẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olùdókòwò òkèèrè fẹ́. Níbẹ̀, wọ́n a máa gba olùdíyelé kan tí kì í ṣe ara wọn láti sọ iye tí ṣíà òṣìṣẹ́ tó, iye yẹn ni wọ́n sì ń fi sí lẹ́tà. $0.30 ni olùdíyelé sọ. Ìyẹn ni pé iye owó méjì wà nínú ìwé kan náà: $1.20 nígbà tí wọ́n ń polówó fún un, $0.30 nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé òfin. Bí a bá sì gba $0.30 gbọ́, òdo ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó lónìí, torí pé $0.30 náà ló máa san. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wà lọ́jọ́ iwájú.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé wọ́n ń purọ́ fún mi ni?"

Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ gba iye yẹn gbọ́ tọkàntọkàn, òun náà ni wọ́n fi ń wo ara wọn lálẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa kọ́ ni láti mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Mo ní kó kọ ímeèlì sí wọn, kó sì béèrè ohun mẹ́rin: ṣíà mélòó ló wà lápapọ̀, títí kan èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì gbà, èló ni àwọn olùdókòwò ti kó sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣé owó wọn ní ìlọ́po kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó tàbí jù bẹ́ẹ̀, àti pé bí òun bá kúrò níbi iṣẹ́, ọjọ́ mélòó ló ní láti ra ṣíà tó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ó bẹ̀rù àtikọ ọ́. Ó ní wọn yóò rò pé òun kì í ṣe ẹni tó gba iṣẹ́ náà gbọ́. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ fi ₦16,800,000 ra nǹkan lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bó ṣe tóbi tó. Láìmọ iye ṣíà tó wà lápapọ̀, 30,000 kò túmọ̀ sí nǹkan kan: nínú mílíọ̀nù kan, ó pọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, kò ju eruku lọ.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ dáhùn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tí kì í dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ pàápàá, mo sì máa ń ka ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ sí èsì. Gbogbo ṣíà jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àwọn olùdókòwò ti kó $4,000,000 sílẹ̀, ṣíà mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìlọ́po kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó, tàbí kí wọ́n fi àǹfààní yẹn sílẹ̀ kí wọ́n bá gbogbo èèyàn pín in, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù fún wọn. Ìyẹn dára, torí pé irú èyí tó burú jù wà, níbi tí wọ́n ti ń kó owó wọn tán tí wọ́n tún ń bá àwọn ìyókù pín. Ìdáhùn kẹrin ni 90 ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Nítorí náà, 30,000 nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá jẹ́ ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sì ní dúró síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń dàgbà a tún gba owó, ẹni tó bá mú owó wá a sì gba ṣíà tuntun. Àmàlà náà lè tóbi sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bù ú ti pọ̀ sí i. A gbà láàárín ara wa pé, ká tiẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tún máa gba owó, $8,000,000 fún ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ṣíà yóò di mílíọ̀nù méjìlá àti ààbọ̀, ìdá tirẹ̀ yóò di 0.24, owó tí àwọn olùdókòwò ní láti kọ́kọ́ kó yóò sì di $12,000,000.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé-iṣẹ́ náà lórí ìwé.

Bó bá kú, òdo ni. Kò sí ohun tí a fẹ́ rò níbẹ̀.

Bí wọ́n bá tà á ní $15,000,000, ìwé ìròyìn yóò gbé e, àwọn èèyàn yóò kí wọn kú oríire. Àwọn olùdókòwò yóò kọ́kọ́ kó $12,000,000 wọn. $3,000,000 ló máa kù fún mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíà tí kì í ṣe tiwọn, ìyẹn bíi $0.46 lórí ṣíà kan. Yọ $0.30 tó máa san kúrò, kù bíi $0.16. Tí a bá fi 30,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bí $4,800, ìyẹn bíi ₦7,200,000. Fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá fi ìdá 0.24 lásán sọ $15,000,000 di púpọ̀ yóò rò pé $36,000 ni, ìyẹn iye tó wà nínú lẹ́tà gan-an. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, kò pa òun lẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá tà á ní $60,000,000, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó wá sàn fún àwọn olùdókòwò láti fi àǹfààní ìṣáájú sílẹ̀, kí gbogbo ṣíà jọ pín in: $4.80 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ jẹ́ $4.50 lọ́nà 30,000, $135,000, ìyẹn ₦202,500,000. Owó tó lè kọ́lé ni, tó sì tún lè rán ọmọ lọ sílé-ìwé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń yàgò kúrò ní òtítọ́ nìyí, torí pé ìbéèrè tó kàn ni pé báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé èyí tó tóbi yìí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin yìí sọ pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Tí a bá lo ìyẹn, tí a sì fi ìdá ogún sí ọjà $15,000,000, ẹ̀tọ́ náà tó bíi ₦21,700,000, ó ju ₦16,800,000 lọ, kó lọ gba iṣẹ́ kejì. Mo ní kó fi ìdá márùn-ún sí i dípò mẹ́wàá. Ó di bíi ₦11,600,000, kó gba iṣẹ́ àkọ́kọ́. Láàárín márùn-ún àti mẹ́wàá, ta ni nínú wa ló mọ̀? Gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lórí nọ́ńbà kan tí a kàn fi ẹnu sọ, èmi kò sì gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pinnu ọdún mẹ́rin ayé rẹ̀.

Nítorí náà a yí ìbéèrè náà padà. Dípò ká máa béèrè pé èló ni ẹ̀tọ́ náà tó, a béèrè pé kí ló gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ kí ₦16,800,000 tó fi sílẹ̀ tó padà sí i lọ́wọ́. Ìdáhùn jáde bíi ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní èdè tó yé èèyàn: nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́tàlá tó dà bí eléyìí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ di èyí tí wọ́n tà ní $60,000,000, òun sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Mo ní kó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun mẹ́tàlá tí òun mọ̀, tí wọ́n wà ní ipò kan náà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kó sì sọ èyí tí wọ́n tà ní owó tó tó bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Paystack, bí gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, Stripe rà á ní ọdún 2020, ìròyìn sì sọ pé owó náà ju $200 mílíọ̀nù lọ. Mo ní kó fi orúkọ méjìlá yòókù tẹ̀ lé e. Ó kọ mẹ́rin tó ti kú, méjì tí wọ́n ṣì ń bẹ láìsí ẹni tó rà wọ́n, ó sì dúró. Kì í ṣe pé ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí ńlá. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó rí i pé èyí tó yọrí nìkan lòun ti ń fi ṣe àwòkọ́ṣe, torí pé òun nìkan ni ìròyìn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ó gbé àríyànjiyàn kan dìde tó ní ọgbọ́n nínú. Ó ní owó oṣù náírà ń yọ́. Gbogbo wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n fi náírà sílẹ̀ fún ọjà: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà rí i pé ohun tó ń rà kéré sí ìdajì. Dọ́là sì ni ṣíà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìdajì. Ó jẹ́ dọ́là lóòótọ́, ṣùgbọ́n dọ́là tí kò ṣeé ná ni, títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá ra ilé-iṣẹ́ náà. Bí ìdààmú náírà bá wà lọ́kàn rẹ̀, ìyàtọ̀ ₦350,000 tó ń wọlé lóṣooṣù ni ohun ìjà tó ní sí i, torí pé ó lè fi ra nǹkan tó bá fẹ́ lóṣù tó bá fẹ́. Ẹni tó gba ẹ̀tọ́ ṣíà ti fi gbogbo owó náà ra ohun kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń san owó oṣù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ṣubú, méjèèjì lọ.

Owó orí wà lára méjèèjì, nítorí náà mo fi méjèèjì sílẹ̀ ní iye ṣáájú owó orí, kí a má baà dà á rú.

Wàyí o, 90 ọjọ́ náà.

Òun ló pinnu ọ̀rọ̀ yìí, ju gbogbo nọ́ńbà tó ṣáájú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú-ewé kejìlá ìwé àdéhùn ló wà, kò sí nínú lẹ́tà rárá. Ohun tó sọ ni pé bí òṣìṣẹ́ bá kúrò, ìbáà jẹ́ pé òun ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí wọ́n dá a dúró, ó ní 90 ọjọ́ láti san owó kó sì ra ṣíà tó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí 90 ọjọ́ bá kọjá, ẹ̀tọ́ náà di ti ilé-iṣẹ́.

Mo bi í pé ibi iṣẹ́ tó pẹ́ sí jù rí, báwo ló ṣe pẹ́ tó? Ó ní ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Ó dáa, ká ní ó lo ọdún méjì níbí, tí ọ̀gá tuntun dé, tàbí tó bímọ, tàbí tí iṣẹ́ kàn sú u. Ṣíà 15,000 ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Láti mú un, ó ní láti san $4,500, ìyẹn ₦6,750,000, láàárín oṣù mẹ́ta. Kò lè tà nínú rẹ̀ láti fi san án, torí pé ilé-iṣẹ́ náà kò sí ní ọjà ìpàrọ̀ ṣíà, ìwé àdéhùn sì ní kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ó tún ti pàdánù ₦8,400,000 owó oṣù láàárín ọdún méjì yẹn, ìyẹn owó tí ì bá fi san án. Àwọn tó ní owó oṣù kékeré ni wọ́n máa ń fún ní ẹ̀tọ́ ṣíà, àwọn náà ni kì í rí owó rà á.

"Tí mi ò bá wá san án ńkọ́?"

"Ó lọ nìyẹn. Ọdún méjì, òdo."

Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe owó, ó dà bí gbèsè."

Mi ò bá a lọ tó bẹ́ẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó lè fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Lórí ìwé, ìdá 7.6 ni ó ní láti gbà gbọ́. Lójú ayé, ó ní láti gbà gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ yóò yọrí, àti pé òun kò ní kúrò ṣáájú, tàbí pé òun yóò ní bíi mílíọ̀nù méje nílẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá ń kúrò. Àwọn tó wà nílé-iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ tí wọ́n tà á nìkan ni ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn bá mu.

Nítorí náà, nígbà tó fẹ́ bá wọn dúnàá-dúrà, mo ní kó má fi agbára sí iye ṣíà. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń lọ: ẹ fi 10,000 kún un. Ilé-iṣẹ́ a sì fi kún un tayọ̀tayọ̀, torí pé kò ná wọn ní kọ́bọ̀ lónìí. A béèrè ohun méjì. Kí 90 ọjọ́ di ọdún márùn-ún ó kéré tán, torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń fún òṣìṣẹ́ wọn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó sì tún lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Àti pé kí owó oṣù gòkè sí ₦700,000, kódà bí ṣíà bá dín kù sí 20,000. Níbi ti owó oṣù, a ní ìdí tó ju ìṣirò lọ. A ti kọ ohun tó ń náwó lé lórí sílẹ̀: ilé, dátà, bátìrì tó máa tó pààrọ̀, owó ilé-ìwé àbúrò, ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. ₦610,000 ló máa ń lọ lóṣù, ó ju gbogbo owó oṣù ilé-iṣẹ́ tuntun náà lọ. Ẹni tó ń jẹ gbèsè láti oṣù kìíní kò ní lè dúró de ọdún kẹrin, bó ti wù kí ṣíà rẹ̀ dára tó. Ìpìlẹ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò báyìí ṣáájú ìṣirò èyíkéyìí, torí pé bí owó oṣù kò bá bo ìnáwó, ọ̀rọ̀ ṣíà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá náà gbà láti san ₦700,000, kò sì yọ ṣíà kankan. Ìyẹn yà wá lẹ́nu. Ìyàtọ̀ di ₦250,000 lóṣù, ₦12,000,000 ní ọdún mẹ́rin, ohun tó gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ sì já sí bíi ìdá 5.2, ọ̀kan nínú bíi ogún. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára.

Ṣùgbọ́n lórí 90 ọjọ́, ó ní òun kò lè ṣe é. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-iṣẹ́ ti fọwọ́ sí ìlànà kan fún gbogbo òṣìṣẹ́, òun kò sì lè yí i padà fún ẹnìkan láìyí i padà fún gbogbo wọn. Ó sọ̀rọ̀ náà láìfi nǹkan pa mọ́, mo sì gbà á gbọ́. Ó tún fi kún un pé ẹni tó bá gba ilé-iṣẹ́ náà gbọ́ kò ní máa ronú nípa bó ṣe máa kúrò. Gbólóhùn yẹn ni ọmọbìnrin náà kò gbàgbé. Ó ní òun kò ronú nípa àtikúrò, òun ń ronú nípa ìyá òun, torí pé bí ara rẹ̀ kò bá yá, òun lòun máa dúró tì í, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó máa sún 90 ọjọ́ síwájú nítorí ìyẹn.

Ó gba iṣẹ́ tó ń san ₦950,000.

Nínú ìyàtọ̀ owó oṣù náà, ó ń yọ ₦200,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù sínú àpò ìdókòwò owó tí kò ní ewu púpọ̀, irú èyí tó ń ra ìwé gbèsè ìjọba. Ìyókù ń lọ sí owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìṣirò wa kò ní ìtumọ̀ bí ìyàtọ̀ náà bá kàn wọ inú aṣọ àti oúnjẹ. Ẹni tó bá ní òun gba owó oṣù dípò ṣíà gbọ́dọ̀ lè fi ohun kan hàn lẹ́yìn ọdún kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò gba nǹkan kan dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé-iṣẹ́ tuntun náà gba owó mìíràn, ní iye tó ju $1.20 lọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà níbẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́tsáàpù, ó sì béèrè pé ṣé kò kábàámọ̀. Ó gbé e tọ̀ mí wá, kì í ṣe pé ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dùn. A tún jókòó. Iye tuntun yẹn jẹ́ ti ṣíà tó ní àǹfààní ìṣáájú. Owó tí àwọn olùdókòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ti pọ̀ sí i, ìyẹn ni pé iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta ilé-iṣẹ́ náà kí ṣíà òṣìṣẹ́ tó rí nǹkan ti gòkè pẹ̀lú. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ tó tíì rí dọ́là kan gbà. Lọ́wọ́ kejì, ìrètí pé ilé-iṣẹ́ náà yóò yọrí ti pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, n kò sì fi ìyẹn pa mọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tà á ní $60,000,000 lọ́dún mẹ́ta sí i, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kọ́lé. Ìpinnu rẹ̀ kò ní di búburú nítorí ìyẹn, bí kò ṣe ní di rere bí ilé-iṣẹ́ náà bá kú lọ́la. Ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ tó pinnu ni a fi ń wò ó.

Ọmọkùnrin kan mú lẹ́tà tirẹ̀ wá ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ owó oṣù tirẹ̀ jẹ́ ₦180,000, ìdá ṣíà rẹ̀ kéré sí ti ọmọbìnrin yìí, kò sì ní ẹni tó ń bọ́. Mo ṣí ojú-ewé tó sọ̀rọ̀ nípa kíkúrò níṣẹ́ kí n tó wo nọ́ńbà kankan. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbẹ̀. A parí ìṣirò tirẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ó sì gba ti ṣíà.